Òpó Kẹrin Ni Irọ́ Fara Pamọ́ Sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́.

Àbúrò màmá mi ń kọ́ Pírámárì Kejì ní Òrù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè, nítorí pé láti Òrù sí Àgó kò jìnnà, owó ilé sì kéré sí i. Ohun tí mo rántí jù nípa ilé náà ni alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí a bá ti jẹun tán, Àǹtí á gbé ìwé gbọọrọ jáde, á fi rúlà fa ìlà, á pín ojú ìwé sí òpó mẹ́rin: ète, iṣẹ́, ohun èlò, ìgbéléwọ̀n. Á wá máa da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé ọdún tó kọjá, iṣẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì, títí oorun á fi máa kùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá á fi báírò pupa fọwọ́ sí i. Ó parí nìyẹn.

Nígbà tí mo di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo ṣe fáìlì Excel kan fún un. Tí o bá ti yan iṣẹ́ àti ọ̀sẹ̀, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kún fúnra wọn. O kàn máa tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Kò gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ. Àǹtí gbàdúrà fún mi títí. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù, fáìlì náà rìn dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó rìn dé apá Àbígí lẹ́bàá omi. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti ṣe ohun ńlá.

Àfi ìgbà tí mo lọ kí Àǹtí, tí mo sì bá a lọ sí kíláàsì rẹ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan.

Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ìyọkúrò nọ́ḿbà alámì méjì. Ìwé ìpalẹ̀mọ́ wà lórí tábìlì, báírò pupa ti kọjá lára rẹ̀. Ìlà tí fáìlì mi kọ jáde nìyí:

| Ète | Iṣẹ́ | Ohun èlò | Ìgbéléwọ̀n |
|---|---|---|---|
| Ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye ìyọkúrò nọ́ḿbà alámì méjì | Olùkọ́ ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sílẹ̀ | Pátákó, ṣọ́ọ̀kì, ìwé ìṣirò | Olùkọ́ béèrè ìbéèrè lórí ohun tó kọ́ wọn |

Àǹtí ṣàlàyé. Àwọn ọmọ tẹ́tí sílẹ̀. Ó kọ 48 − 15, 67 − 32 àti 59 − 24 sí pátákó. Ọmọ méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀, àwọn tó ṣì í kò pé mẹ́ta. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Bí a bá wo ìwé, ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ẹyọ kan sí i.” Mo kọ 43 − 17.

Ọmọ mọ́kànlá péré ló mú 26 wá. Mẹ́rìndínlógún kọ 34. Mẹ́jọ kọ 36. Mẹ́ta yòókù kọ ohun tí n kò lè tú.

Àǹtí wò mí, ó wo ìwé. Ó ní, “Ṣùgbọ́n a ti ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n gbà á nígbà yẹn.” Òótọ́ ló sọ. Wọ́n gbà á, torí pé ìbéèrè tí a bi wọ́n kò lè mú ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Àwọn kan ń sọ pé ìwé ìpalẹ̀mọ́ kò wúlò, kí a fa á ya. Àwọn kan sọ pé ó wúlò, kí a máa tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kó lè rẹwà. Èmi ń sọ pé àwọn méjèèjì ń wo ibi tí kò yẹ. Àtẹ náà dára. Òpó kẹrin rẹ̀ la sọ di irọ́: a ń kọ ọ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ń fọwọ́ sí i kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kò sì sẹ́ni tó tún padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọ yẹn dáadáa, torí ara wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ tó kọ 34 kò fọkàn kọ ọ́ lásán. Ó wo 3 àti 7. Wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í yọ ńlá kúrò nínú kékeré, nítorí náà ó yí i padà: 7 yọ 3, ó ku 4. Ó wá wo 4 àti 1: ó ku 3. Òun nìyẹn, 34. Ní òpó kọ̀ọ̀kan, kékeré ló ń yọ kúrò nínú ńlá, kò bìkítà èyí tó wà lókè. Bó o bá fún un ní ọgọ́rùn-ún ìbéèrè irú èyí, ọ̀nà kan náà ló máa gbà ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọmọ tó kọ 36 yàtọ̀ sí i. Òun mọ̀ pé 3 kò tó, ó lọ “yá” mẹ́wàá, 3 di 13. Ó yọ 7, ó ku 6. Ó dára títí débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ 4 tó yá mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀, kò dín in kù. 4 yọ 1, ó ku 3. Ó kọ 36.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ kóòdù, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wò. Kòkòrò nìyẹn, irú èyí tó ń ṣe ohun kan náà ní gbogbo ìgbà, tí èèyàn sì lè wá rí. Kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978, John Seely Brown àti Richard Burton ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní BUGGY. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọdé nínú ìyọkúrò kì í ṣe àìfọkànsí. Ìlànà ni ọmọ náà ń tẹ̀ lé, ó ń tẹ̀ lé e gírígírí, ìlànà ọ̀hún ló wọ́. Àwọn méjèèjì tí mo rí ní Òrù yẹn wà lára àwọn tí wọ́n ṣàpèjúwe.

Ẹ wá wo bí ìbéèrè ṣe lè bo kòkòrò mọ́lẹ̀. Ní 48 − 15, 8 ju 5 lọ, 4 ju 1 lọ. Ọmọ tó ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá máa gbà á, torí pé kékeré ló wà nísàlẹ̀. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń dín ìdì kù náà máa gbà á, torí pé kò sídìí láti tú ìdì kankan. Bí o bá bi wọ́n ní ogún irú rẹ̀, gbogbo wọn á gba ogún. Ìdánwò tí kò lè sọ pé rárá kì í ṣe ìdánwò.

Èyí tó tún burú jù ú lọ ni pé ó rọrùn láti mú ìbéèrè tó le, kó má sì sọ nǹkan kan fún ọ. Ká ní mo kọ 42 − 17 lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ àkọ́kọ́ á ní 7 yọ 2 ku 5, á kọ 35. Ọmọ kejì á ní 12 yọ 7 ku 5, kò ní dín ìdì kù, òun náà á kọ 35. Àrùn méjì, àmì kan náà. Tísà máa mọ̀ pé wọ́n ṣì í, kò ní mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ohun tó fà á ni pé àárín 2 àti 7 jẹ́ márùn-ún, márùn-ún sì ni ìdajì mẹ́wàá. Ìgbàkígbà tí ẹyọ òkè àti ẹyọ ìsàlẹ̀ bá fi márùn-ún yàtọ̀, ìbéèrè yẹn fọ́jú. Bí o bá yí 2 padà sí 3 péré, ojú rẹ̀ á là.

Ṣé ẹ rí i? Àpótí kékeré tí fáìlì mi fi “olùkọ́ béèrè ìbéèrè” kún, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Àǹtí, mo fi ọ̀rọ̀ òfìfo rọ́pò rẹ̀, mo sì gba àdúrà lé e lórí.

Òpó mẹ́rin yìí kò ṣàdédé wà. Ní ọdún 1949, Ralph Tyler, olùkọ́ yunifásítì ní Ṣìkágò, béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ẹ̀kọ́: kí lo fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀, kí ni àwọn ọmọ máa ṣe kí ó lè ṣẹlẹ̀, báwo ni wàá ṣe tò ó, báwo ni wàá sì ṣe mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀? Ní 1962, Robert Mager tún tẹnu mọ́ ọn pé ète gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ojú lè rí: kí ni ọmọ máa ṣe, nínú ipò wo, títí dé ìwọ̀n wo? “Yóò lóye” kò sí nínú rẹ̀. Òye kò ṣeé fojú rí. Ìbéèrè làwọn baba wọ̀nyẹn fi sílẹ̀ fún wa. Àwa sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Àǹtí jókòó, a tún ìlà kan ṣoṣo ṣe. Láti ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, láti òpó kẹrin. Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ìyẹn, torí pé òun ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

A kọ́kọ́ yan ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní ni 48 − 15, tí kò ní ìdì títú nínú. A fi síbẹ̀ nítorí ọmọ tó bá ti kọ́ títú ìdì lónìí tó wá ń tú u níbi gbogbo. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á sọ 8 di 18, á sì kọ 213 láìbẹ̀rù. Èkejì ni 43 − 17. Ẹ̀kẹta ni 50 − 26, nítorí òdo. Ẹni tó gbà á á kọ 24. Ẹni tó ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá á kọ 36. Ẹni tí kò dín ìdì kù á kọ 34. Ẹni tó gbà pé tí kò bá sí nǹkan, nǹkan kan ò lè kúrò níbẹ̀, á kọ 30. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan dárúkọ àrùn tirẹ̀.

Nígbà tí ìbéèrè ti wà, ète kọ ara rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yóò yọ nọ́ḿbà alámì méjì kúrò nínú òmíràn, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun tú ìdì àti ìgbà tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà ní òpó kìíní ló tún wà ní òpó kẹrin. Bí ète bá ní “yọ”, tí ìgbéléwọ̀n wá ní “sọ ìtumọ̀”, a ti ń tan ara wa nìyẹn.

Lẹ́yìn náà la tó dé orí ohun èlò. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun èlò fún ẹ̀kọ́ yìí, torí pé ọwọ́ ọmọ kò kàn wọ́n. Igi ìgbálẹ̀ la mú. A dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà. A pín ọmọ méjìdínlógójì sí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án. Nọ́ḿbà tó ga jù nínú iṣẹ́ wa ni 50, nítorí náà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò ìdì márùn-ún. Ìdì márùndínláàádọ́ta, igi 450. A kọ iye yẹn sínú òpó kẹta, torí pé “igi ìgbálẹ̀” lásán kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jókòó dì í lálẹ́.

Òpó kejì ló ku, ibẹ̀ sì ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀. Àǹtí ti ń sọ “yá mẹ́wàá” láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó kọ 36 léèrè lọ́jọ́ yẹn pé kí ló dé tí kò dín 4 kù. Ó ní, “Bọ̀dá, a kàn yá a ni.” Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ yẹn ronú. Ohun tí a bá yá, olówó ló ṣì ni ín. Kí ló máa dín in kù fún? Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà.

A jù “yá” nù, a mú “ṣẹ́”. Ọmọ Òrù tó bá ti pé ọdún méje ti lọ ra nǹkan rí. Ó mọ̀ pé bí o bá mú ẹgbẹ̀rún náírà kan lọ kí wọ́n bá ọ ṣẹ́ ẹ, wọ́n á fún ọ ní ọgọ́rùn-ún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún yẹn á sì kúrò lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ọmọ tó máa rò pé ẹgbẹ̀rún náà ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdì igi: bí o bá tú u, kò sí ìdì mọ́, ẹyọ mẹ́wàá ló wà.

Àǹtí fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, “Ṣé o rí mẹ́tàdínlógún yẹn, orúkọ rẹ̀ ti sọ bí a ṣe máa yọ ọ́.” Mẹ́tàdínlógún: ó ku mẹ́ta kó pé ogún. Yọ ogún kúrò nínú mẹ́tàlélógójì, ó ku mẹ́tàlélógún. O ti yọ mẹ́ta jù, dá a padà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹnu yà mí, kì í ṣe torí pé n kò mọ bí a ṣe ń ka nọ́ḿbà Yorùbá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò rò ó rí pé ó yẹ kó wà nínú òpó kejì. Láti 1970 ni Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, ìṣirò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sì ṣe dáadáa. Fáìlì mi kò ní àyè fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlà tuntun nìyí:

| Ète | Iṣẹ́ (ìṣẹ́jú 35) | Ohun èlò | Ìgbéléwọ̀n |
|---|---|---|---|
| Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yọ nọ́ḿbà alámì méjì, yóò mọ ìgbà tó yẹ kó tú ìdì | Pín igi (5). Àwọn ẹgbẹ́ fi igi ṣe 32 − 14 àti 41 − 15, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n “ṣẹ́” (15). Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ (5). Ìbéèrè mẹ́ta, kálukú lọ́tọ̀ (10) | Ìdì igi 45, rọ́bà, bébà pélébé 38 | 48 − 15. 43 − 17. 50 − 26. Iye tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ___ Àṣìṣe tó pọ̀ jù: ___ Ọ̀la: ___ |

Ẹ wo àwọn àyè òfìfo mẹ́ta tó wà nígbẹ̀yìn. Àwọn ni mò ń jà fún. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kún wọn ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, Àǹtí kó bébà jọ, ó tò wọ́n sí òkìtì-òkìtì gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ó sì kọ iye. Ìdáhùn ló ń wò, kò tíì máa fi máàkì sí i. Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó ń kọ 34 padà sí ìdì igi. Àwọn tó ń kọ 36 ṣe ọjà pẹ̀lú owó bébà. Àwọn tó ti gbà á tẹ̀ síwájú. Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ o. Bí ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan bá kọ ìdáhùn ẹ̀rín kan náà, wíwo iṣẹ́ ara wọn ni, kì í ṣe àrùn. Ọmọ tí kò wá sílé-ìwé torí ọjà kò sí lórí bébà rárá. Ọmọ tí ebi ń pa lè kọ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí àyè kẹta fi jẹ́ “Ọ̀la”, tí kì í ṣe “Máàkì”.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Tísà kan ń kọ́ iṣẹ́ bíi mẹ́wàá, ibo ló ti máa rí àkókò? Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí a dín kíkọ kù. Ìlà kan tó jẹ́ òótọ́ lójúmọ́, nínú ìṣirò tàbí ìwé kíkà, sàn ju ìlà mẹ́wàá tí a dà kọ lọ. Wákàtí tí Àǹtí fi ń fa ìlà pẹ̀lú rúlà tó ó di igi ìgbálẹ̀.

Ẹ tún máa sọ pé ọ̀gá kò ní gbà, àwọn tó ń wá bẹ ilé-ìwé wò kò ní gbà. Ẹjọ́ tiwọn gan-an ni mo fẹ́ pè. Kí ló dé tó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni báírò pupa ń ṣiṣẹ́? Níbi iṣẹ́ tiwa, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí kóòdù pé ó dára kí wọ́n tó dán an wò. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan, kó fọwọ́ sí i ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà. Kó sì má fìyà jẹ tísà tó kọ pé ọmọ mọ́kànlá nínú méjìdínlógójì ló gbà á. Ọjọ́ tó bá fìyà jẹ ẹ́, gbogbo ìwé á padà di “akẹ́kọ̀ọ́ lóye”, irọ́ á sì tún rí ilé gbé.

Ní tèmi, mo ti pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, mo sì fi tuntun ránṣẹ́. Òpó kẹrin rẹ̀ ṣófo. Bí o kò bá kọ iye tó gbà á lánàá, kò ní ṣí ìlà ti òní fún ọ. Àwọn tísà kan ti ń bú mi lórí Wásáàpù pé mo ba nǹkan tó dára jẹ́. Ẹnì kan bi mí bóyá mo ṣì ní ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní rárá. Ti tẹ́lẹ̀ gbà pé gbogbo ọmọ mọ ìyọkúrò, ọmọ mẹ́jọ sì ń bẹ ní Òrù tí wọ́n ń yá mẹ́wàá láìdín nǹkan kan kù.